Ìwé ìkìlọ̀ lórí ibà Lásà: kò gbọdọ̀ parí sára ògiri

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ lọ́dọọdún, tí igbó gbẹ, tí àwọn eku sì ń sá kúrò lóko wá sínú ilé nítorí oúnjẹ, ni ibà Lásà máa ń gbérí. Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ni ó máa ń pọ̀ jù, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Oǹdó, Ẹ̀dó àti Ẹ̀bónyì ni ó sì ti máa ń ṣọṣẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àsìkò yìí kan náà ni ìwé kan máa ń fara hàn lára ògiri ilé ìwòsàn. Alákòóso ilé ìwòsàn ni yóò fọwọ́ sí i, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ ọ́. Ohun tí yóò sì máa sọ kò ju pé àìsàn kan ti bẹ́ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan, kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa tẹ̀lé ìlànà ìdènà àkóràn, kí wọ́n sì fọkàn balẹ̀.

Ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì tó kà á kò ní mọ̀ bóyá òun wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Agbálẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú korobá lọ́wọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ló nu èébì aláìsàn náà ní àná. Bí àkóràn bá ti wọ wọ́ọ̀dù, ìwé tí alákòóso bá kọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lè jẹ́ ohun tí yóò pinnu bóyá ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ṣàìsàn tàbí mẹ́wàá. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, mọ ohun tó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀.

Ibà Lásà àti ilé ìwòsàn ti ń bá ara wọn bọ̀ tipẹ́. Láti ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni ayé ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì ajíhìnrere kan tó ń jẹ́ Laura Wine ṣàìsàn ní ìlú Lásà, ní apá ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú Jọs, ibẹ̀ ni ó kú sí. Nọ́ọ̀sì Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ fi ìka tó ní ọgbẹ́ kékeré nu ẹnu rẹ̀. Kò pé oṣù kan tí òun náà fi kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, tó bá wọn tọ́jú àwọn méjèèjì, kó àìsàn náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti rí kòkòrò àìfojúrí náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun yè é. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Dókítà Jeanette Troup tó wà ní Jọs gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ń yẹ òkú aláìsàn kan wò, òun náà sì kú.

Ìtàn tó tún gbọdọ̀ kọ́ àwọn alákòóso lọ́gbọ́n ni ti ọdún 1989, ní ìpínlẹ̀ Ímò bí ó ti rí nígbà náà. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé ènìyàn 34 ni ibà Lásà mú, tí 22 nínú wọn sì kú. Inú ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kó o. Ohun tí ìwádìí náà tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ohun tó fa ìtànkálẹ̀ ni pé wọ́n ń fi sìríńjì kan náà gún aláìsàn kan lẹ́yìn òmíràn nígbà tí wọ́n bá ń pín abẹ́rẹ́ káàkiri wọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni ó wá kan àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń tọ́jú wọn tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ẹnì kan kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi. Àìtó ohun èlò àti àìsí ẹni tó ń mójú tó iṣẹ́ ni ó pa wọ́n. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé eku ló máa ń mú àìsàn náà wọlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn, abẹ́rẹ́ àti aṣọ tó dọ̀tí ni yóò gbé e kiri láàárín ibùsùn.

Ìdí tí ó fi máa ń rọrùn fún un láti wọlé kò ju pé kì í jọ ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibà, orí fífọ́, ara ríro, ọ̀fun dídùn àti èébì ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, bí ibà lásán àti táífọ́ọ̀dù sì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń retí pé kí ó máa jáde ní imú àti ẹnu kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ẹni tó bá sọ pé òun yóò dúró de ẹ̀jẹ̀ kí òun tó wọ ìbọ̀wọ́ ti pẹ́ jù. Ohun tó yẹ kí ó mú dókítà fura ni ibà tí oògùn ibà kò mú lọ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, pàápàá bí aláìsàn bá ti agbègbè tí Lásà ti wọ́pọ̀ wá, tàbí bí ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ bá ti kú lójijì.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yé ni. Ká ní pé wọ́n gba bàbá kan sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù Kìíní. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n fa omi dírìípù sí i lára, wọ́n sì ń fún un ní abẹ́rẹ́ ibà. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú ó bì sílẹ̀, agbálẹ̀ sì nù ún. Ní Ọjọ́bọ̀, ibà náà kò tíì lọ. Dókítà fura, ó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò Lásà, irú èyí tó wà ní Ìrúà ní ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 10, èsì dé pé Lásà ni. Wọ́n gbé bàbá náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ yẹn kan náà. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni bàbá náà ti lò láàárín àwọn aláìsàn mìíràn, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò sì fura. Kí ni alákòóso gbọdọ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó dárúkọ àìsàn náà, kí ó dárúkọ wọ́ọ̀dù náà, kí ó sì sọ ọjọ́ tí aláìsàn náà wọlé àti ọjọ́ tí ó jáde. Orúkọ aláìsàn nìkan ni kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Àwọn alákòóso kan máa ń rò pé bí àwọn bá dárúkọ Lásà, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sá, àwọn aláìsàn yóò kó ẹrù wọn, ilé ìwòsàn yóò sì ṣófo. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Bí ìwé bá pe é ní "àìsàn kan", ohun tí wọn yóò máa sọ sétí ara wọn yóò burú ju òtítọ́ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì ni yóò jẹ́ kí ènìyàn mọ ibi tí òun dúró. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ìsinmi láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 12 yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọjọ́ 7 yóò mọ̀ pé ó kan òun.

Èkejì ni ìwé orúkọ àwọn tó fara kan aláìsàn náà. Ìwé alákòóso gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò kọ ọ́, yàrá tó wà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àti wákàtí tí ìwé orúkọ náà gbọ́dọ̀ parí. Nínú àpẹẹrẹ yìí, àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó tọ́jú bàbá náà wà níbẹ̀. Agbálẹ̀ tó nu èébì wà níbẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó fura wà níbẹ̀. Ẹni tó fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀ àti ẹni tó tì í lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn wà níbẹ̀. Aláìsàn tó wà ní ibùsùn tó sún mọ́ ọn, ìyàwó rẹ̀ tó ń bọ́ ọ lóúnjẹ, àti ọmọ rẹ̀ tó ń dọ́wọ́ sí ìtọ̀ rẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Àwọn tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni agbálẹ̀, afọṣọ àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé òkú, nítorí pé orúkọ wọn kì í sí nínú ìwé tí nọ́ọ̀sì fi ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún aláìsàn.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo wọn wà nínú ewu kan náà. Ẹni tó bá bàbá náà sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà kò jọ ẹni tí abẹ́rẹ́ tó ti kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gún lọ́wọ́, tàbí ẹni tí èébì rẹ̀ ta sí lójú. Irú ẹni kejì yìí ni ó gbọ́dọ̀ rí dókítà lójú ẹsẹ̀, nítorí oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní ribafárínì tí wọ́n lè fún un kí àìsàn tó dé. Ṣùgbọ́n oògùn náà ní ewu tirẹ̀. Ó lè mú ẹ̀jẹ̀ dín kù lára, kò sì dára fún aláboyún. Kò yẹ kí ìwé alákòóso sọ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ gbà á, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó dákẹ́ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa wá a kiri lọ́jà. Ó yẹ kí ó sọ pé dókítà kan pàtó ni yóò pinnu ẹni tó yẹ kó lò ó.

Ìṣirò ọjọ́ ni ó tún kàn. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti fara kan aláìsàn, àìsàn náà kì í fara pamọ́ ju ọjọ́ 21 lọ kí ó tó hàn. Ọjọ́ tí ènìyàn fara kan án kẹ́yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nọ́ọ̀sì tó ran àwọn tó gbé bàbá náà lọ lọ́wọ́ ní ọjọ́ 10 yóò máa ṣọ́ ara rẹ̀ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní. Agbálẹ̀ tó nu èébì ní ọjọ́ 7, tí kò sì padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, yóò ṣe tirẹ̀ títí di ọjọ́ 28. Láàárọ̀ àti ní alẹ́ ni wọn yóò máa fi tẹmọ́mítà wọn ìgbóná ara wọn, wọn yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ara ẹnì kan bá ṣì dá, kò lè kó o ran ẹlòmíràn, ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ, ó sì lè máa sùn sílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló yẹ kí ìwé náà sọ ketekete, nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò ti òun mọ́lé ló ń mú kí àwọn òṣìṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Bí ìgbóná ara bá dé ìwọ̀n 38 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni náà kò gbọdọ̀ wá síbi iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ lọ ra oògùn ibà lò nílé. Kí ó pe nọ́ńbà tó wà nínú ìwé náà ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Òṣìṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà ti mọ ibà mọ́ra débi pé bí ara bá ti ń gbóná, oògùn ibà ni yóò kọ́kọ́ gbé mì, yóò sì tún lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bó bá jẹ́ Lásà ni, ọjọ́ mẹ́ta tó fi ń wojú oògùn ibà náà ti tó láti kó o ran ẹlòmíràn. Ìtọ́jú Lásà sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ omi kiloríìnì, níbi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ìwé tó bá kàn sọ pé "ẹ lo oògùn apakòkòrò" kò sọ nǹkan kan. Omi apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀ àti èébì gbọ́dọ̀ ní ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún kiloríìnì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń kọ ní 0.5%. Ọ̀pọ̀ Jíìkì tí wọ́n ń tà lọ́jà jẹ́ 3.5%. Láti mọ iye omi, wọn yóò fi 0.5 pín iye tó wà lára ike, wọn yóò sì yọ ọ̀kan kúrò. Mẹ́ta ààbọ̀ tí wọ́n fi ìdajì pín jẹ́ méje. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan, ó ku mẹ́fà. Ife Jíìkì kan sí ife omi mẹ́fà nìyẹn. Bí ike náà bá jẹ́ 5%, ife kan sí ife omi mẹ́sàn-án ni. Ife kan náà ni kí wọ́n fi wọn méjèèjì, kí wọ́n má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀. Agbálẹ̀ tó bá dà á díẹ̀ kò pa kòkòrò kankan. Èyí tó bá dà á jù yóò máa húkọ́, ojú yóò máa ta á, kò sì ní fẹ́ lò ó mọ́.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa pò ó, kí wọ́n sì da èyí tó ṣẹ́ kù nù lọ́jọ́ kejì, nítorí pé agbára rẹ̀ máa ń lọ, pàápàá bí oòrùn bá ń pa á. Wọn kò gbọdọ̀ pò ó mọ́ oògùn ìfọlẹ̀ mìíràn, torí afẹ́fẹ́ olóró lè jáde láti inú rẹ̀. Bí èébì tàbí ẹ̀jẹ̀ bá dà sílẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ fi aṣọ tàbí bébà bò ó, wọn yóò da omi náà lé e, wọn yóò fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni wọn yóò kó o, tí wọn yóò sì tún omi náà fi nu ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdọ̀tí máa ń gba agbára lọ́wọ́ kiloríìnì, ìdí nìyẹn tí nínù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í fi í tó. Omi yìí kò sí fún fífọ ọwọ́ lójoojúmọ́ nítorí yóò bó ọwọ́, ọgbẹ́ ọwọ́ sì ni ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, tàbí ọtí tí wọ́n fi ń pa ọwọ́, ni fún ọwọ́.

Ẹ̀kẹrin ni abẹ́rẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1989 kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀. Sìríńjì kan, abẹ́rẹ́ kan, aláìsàn kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn kò gbọdọ̀ dé abẹ́rẹ́ padà lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó, nítorí ibi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti dé e ni ó ti sábà máa ń gún nọ́ọ̀sì. Àpótí tí wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ sí gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá ibùsùn, bí ó bá sì ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àpótí tó kún àkúnya, tí abẹ́rẹ́ ń yọrí lẹ́nu rẹ̀, léwu ju kí ó má sí lọ.

Aṣọ ìdáàbòbò náà ní ètò tirẹ̀. Fún ẹni tó ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fura sí, ìbọ̀wọ́, aṣọ ìbora, ìbòmú àti ohun tó bo ojú ni kò gbọdọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ń bọ́ ọ ni ọ̀pọ̀ ń kó àkóràn, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ń wọ̀ ọ́. Ìbọ̀wọ́ tó dọ̀tí jù ni wọn yóò kọ́kọ́ bọ́, lẹ́yìn rẹ̀ aṣọ ìbora, wọn yóò fọ ọwọ́, wọn yóò yọ ti ojú, lẹ́yìn náà ti imú, láti ẹ̀yìn orí ni wọn yóò ti mú okùn rẹ̀, wọn yóò sì tún fọ ọwọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ ìbòmú pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó kan èébì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àìsàn sẹ́nu. Ó yẹ kí ìwé náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa bọ́ ọ ní méjì-méjì, kí ẹnì kan máa wo ẹnì kejì.

Ní ti wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, kí ìwé náà sọ pé wọn kò ní gba aláìsàn tuntun síbẹ̀ títí wọn yóò fi fọ̀ ọ́ tán. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fọ́n ká sí àwọn wọ́ọ̀dù mìíràn. Bí ara ẹnì kan nínú wọn bá ti yá tó láti lọ sílé, wọ́n lè jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n orúkọ àti fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ wọn. Bí aláìsàn Lásà bá kú, àwọn tó ti kọ́ ọ nìkan ni yóò fọwọ́ kan òkú náà. Kí wọ́n má jẹ́ kí ẹbí wẹ̀ ẹ́ nílé òkú nítorí pé owó ti yí ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè kò gbọdọ̀ wá lẹ́yìn. Ilé ìwòsàn tó wà ní Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn kò ní ìdí tí yóò fi máa kọ ohun tó kan agbálẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Kí ìwé náà wà ní Yorùbá, kí ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì kà á sókè nígbà tí àwọn tó ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bá ń gbé iṣẹ́ lé àwọn tó ń wọlé lọ́wọ́, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Lẹ́yìn kíkà, kí nọ́ọ̀sì àgbà ní kí agbálẹ̀ po omi kiloríìnì lójú òun. Bí ó bá pò ó tọ́, ìwé náà ti yé e. Bí kò bá tọ́, kí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀, kí wọ́n má ṣe bú u.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, òfin tí kò ní ohun èlò lẹ́yìn kò ju ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ de òṣìṣẹ́ lọ. Alákòóso tó kọ ọ́ pé kí gbogbo ènìyàn wọ ìbọ̀wọ́, tó sì jẹ́ páálí ìbọ̀wọ́ méjì péré ló wà ní wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ kan, ti mọ̀ pé wọn kò ní lè ṣe é. Ó yẹ kí ìwé náà sọ iye tó ti kó síbẹ̀, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru, àti ẹni tí wọn yóò pè bí ó bá tán. Bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, kí ó sọ ibi tí omi yóò ti wá. Kí ó sì kọ ọ́ pé ẹni tí abẹ́rẹ́ bá gún tó sì wá sọ kò ní gba ìwé ìbáwí, àti pé owó oṣù ẹni tó bá wà nílé nítorí ibà kò ní dín. Láìsí ìlérí méjì yìí, àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa dákẹ́, alákòóso yóò sì máa rò pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé.

Báwo ni alákòóso yóò ṣe mọ̀ pé ìwé òun ń ṣiṣẹ́? Kì í ṣe nípa pé ẹnikẹ́ni kò ráhùn. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí páálí ìbọ̀wọ́ kò dín, wọn kò lò ó. Bí ike Jíìkì bá ṣì kún, ẹnikẹ́ni kò po nǹkan kan. Bí ènìyàn 30 bá wà nínú ìwé orúkọ, tí gbogbo wọn sì ń kọ ìwọ̀n ìgbóná kan náà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń kọ ọ́ láìwọ̀n ọ́n ni. Bí ẹnì kan bá pe nọ́ńbà náà pé ara òun ń gbóná, kò túmọ̀ sí pé ìwé náà kùnà, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́ gan-an nìyẹn. Bí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé Lásà ti mú òun náà, ìwé orúkọ tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó fara kan òun, kíka ọjọ́ 21 tiwọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n rí i kẹ́yìn.

Ìdènà yìí náà ní ààlà. Ìwé tó dára jù lọ kò lè yí ọjọ́ mẹ́ta tó ti kọjá kí dókítà tó fura padà. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nyí kò fi yẹ kó dúró de èsì àyẹ̀wò. Ìbọ̀wọ́ fún gbogbo ẹ̀jẹ̀, sìríńjì kan fún ẹnì kan, àti ọwọ́ fífọ̀ láàárín aláìsàn kan sí èkejì yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́, yálà ibà lásán ni wọ́n rò pé ó ń ṣe aláìsàn tàbí òmíràn. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tó mọ̀ pé ọdọọdún ni Lásà ń dé gbọ́dọ̀ ti kó ìbọ̀wọ́, Jíìkì àti àpótí abẹ́rẹ́ sí gbogbo ilé ìwòsàn kí oṣù Kejìlá tó wọlé. Iṣẹ́ alákòóso sì ni kí ó ti ní ìwé rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí ó ku kìkì ọjọ́ àti orúkọ wọ́ọ̀dù tí yóò fi sí i. Bí ilé bá ti ń jó, kì í ṣe ìgbà yẹn ni wọ́n ń gbẹ́ kànga.